Omi ń kán sórí díbí: bẹ́ ẹ ṣe máa kọ ọ́ sí máníjà fasílítì tó fi máa tètè dá yín lóhùn

Ẹ wo mẹ́sẹ́ẹ̀jì yìí ná: "Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ jọ̀ọ́ sà omi ń jò níbí o, ó ti pọ̀ gan-an, ọ̀rọ̀ ọ́jẹ́ńtì ni sà!!!" Ó parí. Kò sí fọ́tò, kò sí orúkọ ilé, ẹni tó kọ ọ́ sì ti ju fóònù sínú báàgì, ó ti lọ dá oníbàárà lóhùn.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa gba irú mẹ́sẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀. Ilé mẹ́ta ni mò ń bójú tó fún àwọn kan tó ń ta ẹja yìnyín àti adìẹ yìnyín, ọ̀kan ní Takie l'Ógbómọ̀ṣọ́, ọ̀kan ní Sábó níbẹ̀ náà, ìkẹta ní Òwódé l'Ọ́yọ̀ọ́. Tí mo bá ka "omi ń jò níbí", ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni páìpù tọ́ílẹ́ẹ̀tì, máa pe púlọ́ńbà, púlọ́ńbà á ní ó di ọ̀la. Bẹ́ẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé omi ń kán látinú sílíìnì bọ́ sórí díbí, àpótí tí gbogbo bírékà ilé wà nínú ẹ̀ yẹn, àwọn èèyàn sì ń gba iwájú ẹ̀ kọjá tọwọ́ tutù tẹsẹ̀ tutù torí pé inú kóólúrúùmù ni wọ́n ti ń bọ̀. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ púlọ́ńbà rárá, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọ̀la.

Ọ̀rọ̀ omi tó ń kán sórí díbí yìí ni màá fi ṣàlàyé látòkè délẹ̀, torí ó máa ń wáyé gan-an lásìkò òjò, òun náà ló sì máa ń jẹ́ kéèyàn rí i kíákíá pé ibi tí ewu wà àti bó ṣe yá tó ni nǹkan méjì tí máníjà fẹ́ gbọ́. Ìkíni dáa o, mi ò ní kẹ́ ẹ má kí ọ̀gá yín, àmọ́ ìlà kan ti tó.

KẸ́ Ẹ TÓ MÚ FÓÒNÙ

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tẹ́ ẹ dúró sí. Tí omi bá ti wà nílẹ̀ níwájú díbí yẹn ẹ má dúró nínú ẹ̀, ẹ fà sẹ́yìn débi tí ilẹ̀ ti gbẹ, kẹ́ ẹ wá fi àga tàbí páálí tó gbẹ dí ọ̀nà lápá méjèèjì kẹ́nikẹ́ni má bàa gba ibẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnì kankan gbé mọ́ọ̀bù débẹ̀ o. Mo mọ̀ pé ara àwọn kan ò ní gbà á, wọ́n á ní oníbàárà ń bọ̀, táìsì sì ń yọ̀, àmọ́ ẹni tó bá mú igi mọ́ọ̀bù tó tutù dání tó wá dúró sínú omi nídìí díbí ti fi ara ẹ̀ ṣe wáyà.

Gbogbo ibi iṣẹ́ ló tún ní akin kan tó máa sọ pé "ẹ jẹ́ n lọ bá yín pa bírékà ńlá yẹn". Ẹ dá a dúró jàre. Tí wọ́n bá pa bírékà ńlá, ohun tó wà níwájú ẹ̀ nìkan ló kú, wáyà tó gbé iná wọnú díbí látìta ṣì ní iná lára títí dé ẹnu bírékà náà, tí omi bá sì ti wọnú àpótí, irin àpótí fúnra ẹ̀ lè ti ní iná lára. Ibi tó dáa láti pa á ni ṣéńjófà, tó bá jẹ́ ibòmíì tó gbẹ ló wà, tó sì jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa ń lò ó tẹ́lẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ ẹ̀ sáàárín, níbi tí kò ti sí ti Nẹ́pà tí kò sì sí ti jẹnẹrétọ̀. Tó bá jẹ́ ògiri kan náà ni ṣéńjófà àti omi jọ wà, ẹ fi sílẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú mẹ́sẹ́ẹ̀jì pé ẹ ò lè débẹ̀, ìyẹn náà máa ń yí ohun tí mo máa ṣe padà torí mo máa ní láti wá ẹni tó máa já iná látorí òpó.

Ẹ wá dúró níbi tó jìnnà díẹ̀ yẹn, ẹ fetí sílẹ̀, ẹ fimú gbọ́ òórùn. Tí díbí bá ń ṣe ṣíì-ṣíì bí ìgbà tí nǹkan ń dín, tẹ́ ẹ bá rí i tó ń ta pàrà, tẹ́ ẹ rí èéfín tàbí ipa dúdú lára ọmọrí ẹ̀, tàbí tí iná ti gbé ẹnì kan bó ti wù kó kéré mọ, ẹ má tẹ nǹkan kan ránṣẹ́ rárá, ẹ pè. Ẹ pe máníjà, tí kò bá gbé e ẹ pe ẹni tó tẹ̀ lé e, mẹ́sẹ́ẹ̀jì á wá tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Tó bá ti di pé iná ń jó, gbogbo èèyàn jáde síta ná, kẹ́ ẹ tó pe 112 tàbí 615 tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹ má sì da omi sí i.

Ohun kan wà nípa òórùn tó yẹ káwọn tó ń ta ẹja mọ̀ dáadáa. Bírékà, sókẹ́ẹ̀tì àti àwọn rọ́bà inú díbí, tí wọ́n bá gbóná ju bó ṣe yẹ, òórùn tó ń jáde lára wọn nígbà míì jọ ti ẹja tó ti ń bàjẹ́. Níbòmíì, ẹni tó bá gbọ́ òórùn ẹja nínú ọ́fíìsì á béèrè pé kí nìyí, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja ńkọ́? Wọ́n á ní kí ẹnì kan lọ fi Ísáàlì fọ ilẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ ìyàtọ̀ ni pé ẹ wo ibi tó ti le jù. Tó bá le nídìí ògiri díbí ju ẹnu ilẹ̀kùn kóólúrúùmù lọ, tó sì tún máa ń le sí i nígbà tí kóńpúrẹ́sọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ tó sì ń rọlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, kì í ṣe ẹja nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

IBI TÓ WÀ

Ìdánwò tí mo máa ń fún àwọn tó ń kọ̀wé sí mi ni pé rìwáyà kan, ìyẹn ẹni tó ń tún wáyà iná ilé ṣe, tó ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́, tí kò wọ ilé yẹn rí láyé ẹ̀, ṣé ó máa lè fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì yín rìn débi díbí náà láì pè yín? Tí kò bá lè dé, ibi tẹ́ ẹ kọ ò tíì pé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó tóbi kẹ́ ẹ máa bọ̀ wá síbi tó kéré: ìlú wo, ilé wo, òkè àbí ìsàlẹ̀, yàrá àbí kọ́rídọ̀, ògiri wo, ó ga tó ibo lára èèyàn. Ìlú náà ṣe pàtàkì o, ẹni tó wà ní Takie rò pé gbogbo ayé mọ̀ pé Takie lòun wà, èmi tí mo wà nínú mọ́tò láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ ò mọ ibi tí màá kọjú sí.

Òkè àti ìsàlẹ̀ tún jẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dà rú. Ẹnì kan á kọ "fọ́ọ̀sì fúlọ̀", ó lè jẹ́ ìsàlẹ̀ tá a ń tẹ̀ látita ló ń sọ, ẹlòmíì á kọ nǹkan kan náà kó jẹ́ pé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ní lọ́kàn. Ẹ kúkú kọ "ìsàlẹ̀, kò sí àtẹ̀gùn" tàbí "òkè, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá gun àtẹ̀gùn ẹ̀ẹ̀kan". Ọ̀tún àti òsì náà ń fẹ́ kẹ́ ẹ sọ ibi tẹ́ni náà kọjú sí, torí ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó ń wọlé ni ọwọ́ òsì ẹni tó ń jáde. "Tẹ́ ẹ bá gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé tẹ́ ẹ kọjú sí kóólúrúùmù, ọwọ́ òsì yín", ó tán, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Ẹ má fi èèyàn ṣe àmì ibi. "Ẹ̀gbẹ́ ibi tí Mọ́mì máa ń jókòó", Mọ́mì ti kó tábìlì wọn lọ sókè láti oṣù tó kọjá. Ẹ má fi ohun tí wọ́n lè gbé kúrò náà ṣe é, fíríísà, páálí, ẹ̀rọ omi mímu. Ilẹ̀kùn, fèrèsé, àtẹ̀gùn, ojú ògiri, àwọn nǹkan tó ń dúró síbi tí wọ́n kọ́ ọ sí nìyẹn.

Tí ohun tó bà jẹ́ náà bá ní nọ́ńbà lára, ẹ kọ nọ́ńbà náà. Ilé Takie ní díbí mẹ́ta, wọ́n fi máákà kọ DB1, DB2, DB3 sí wọn lára, ìlà kan tó ní "DB2" nínú á gbà wá lọ́wọ́ ìwé ojú ewé kan. Kẹ́ ẹ má sì ṣe sún mọ́ ọn torí àtika nọ́ńbà o, ẹ fi kámẹ́rà fóònù fà á wá látọ̀ọ́kán. Tí kò bá sí nọ́ńbà, ẹ sọ iye tó wà nínú ilé àti èwo nínú wọn: "díbí mẹ́ta ló wà, èyí tó wà láàárín, tí ọmọrí ẹ̀ jẹ́ eérú".

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi lókéṣọ̀n Wásáàpù ránṣẹ́, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n kò ràn wá lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Abẹ́ páànù àti déékì, ó máa ń sọ ilé nìkan, kò lè sọ yàrá, nígbà míì gan-an ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló máa fi hàn. Ẹ fi í mọ́ ọn tí ẹni tó ń bọ̀ ò bá mọ ilé, kẹ́ ẹ ṣì kọ ìyókù.

BÓ ṢE YÁ TÓ

Níbí ni mo fẹ́ fara balẹ̀ sí díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ "ọ́jẹ́ńtì" àti àmì ìyanu mẹ́ta ló ń sọ ọ́. Bọ́lúùbù tọ́ílẹ́ẹ̀tì tó kú, ọ́jẹ́ńtì. Pépà tó tán nínú pírińtà, wọ́n á kọ ọ́ sí mi pé ọ́jẹ́ńtì, èmi kọ́ ni mò ń ra pépà. Ohun tó máa jẹ́ kí n fi ohun tí mò ń ṣe sílẹ̀ ni kí n rí i lójú ara mi pé ewu náà ti sún mọ́ ara èèyàn, àti aago tó máa burú sí i.

Ẹ sọ ohun tó lè ṣe: iná lè gbé èèyàn, ilé lè jó. Ẹ sọ ẹni tó ń gba ibẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ irú ipò tí wọ́n wà nígbà tí wọ́n ń gba ibẹ̀. "Àwọn ọmọ kóólúrúùmù márùn-ún ń gba ibẹ̀ kọjá ní gbogbo ìgbà, bàtà rọ́bà ẹni méjì ti lu, ọwọ́ gbogbo wọn tutù". Ara tó tutù ń jẹ́ kí iná ríbi wọlé ju ara tó gbẹ lọ, torí náà ọ̀rọ̀ tutù yẹn kì í ṣe àfikún lásán.

Ẹ sọ bóyá ó ń pọ̀ sí i, kẹ́ ẹ sì ka á. Ẹ dúró síbi tó gbẹ, ẹ tan aago fóònù, ẹ ka iye ẹ̀kán omi tó bọ́ láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kẹ́ ẹ tún ka á. "8:10, ẹ̀kán 20, 8:25, ẹ̀kán 35". Mo ti mọ̀ pé kò ní dáwọ́ dúró fúnra ẹ̀. Àmọ́ ẹ má dúró de kíkà kejì kẹ́ ẹ tó fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ o, ẹ fi ti 8:10 lọ, kẹ́ ẹ fi ti 8:25 tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn ìyẹn, aago tó máa burú. Èyí ni àwọn èèyàn kì í kọ rárá. Tí Nẹ́pà bá ti mú iná lọ lówùúrọ̀ yẹn, díbí tó tutù dákẹ́, kò ṣe ṣíì-ṣíì, kò gbé ẹnikẹ́ni, gbogbo èèyàn á ní "ó ti dáa nìyẹn, ká dúró ná". Kò dáa. Ìgbà tí wọ́n bá dá iná padà ni omi tó ti wọnú bírékà máa ṣe ohun tó fẹ́ ṣe, a ò sì mọ ìgbà tí wọ́n máa dá a padà. Ibi tí ṣéńjófà bá tún jẹ́ èyí tó ń ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀, bí Nẹ́pà ṣe ń lọ ni jẹnẹrétọ̀ ń dáhùn, ẹni tó bá rò pé iná ti lọ tó lọ fọwọ́ kan díbí á bá iná jẹnẹrétọ̀ níbẹ̀. Ínńfátà náà ńkọ́? Bátìrì ẹ̀ ò mọ̀ pé Nẹ́pà ti lọ. Torí náà ẹ kọ ọ́ sínú mẹ́sẹ́ẹ̀jì: iná wo ló wà nílé báyìí, ti Nẹ́pà, ti jẹnẹrétọ̀ tàbí ti ínńfátà, tí kò bá sì sí, kí ló lè dá a padà. Ẹ sì sọ ohun míì tó ní aago: "aago 9 la máa ń ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà", "aago 6 ìrọ̀lẹ́ ni ẹni tó ń fọlẹ̀ máa ń dé, kò tíì gbọ́".

Ẹ yọ gbólóhùn kan kúrò: "bírékà ò tíì já, ó jọ pé kò le". Bírékà tó wọ́pọ̀, wáyà ló ń ṣọ́, kì í ṣe èèyàn. Èyí tí wọ́n kọ 20 sí lára, ó di kí iná tó ń gbà á kọjá ju ámpù 20 lọ kó tó rò ó pé òun máa já, bẹ́ẹ̀ ìdá díẹ̀ nínú ẹyọ ámpù kan ti tó pa èèyàn. Èyí tó ń ṣọ́ èèyàn ni èyí tó ní bọ́tìnì tí wọ́n kọ T sí lára, tó máa ń já tí mílíámpù 30 bá ti ń sá lọ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ni kò sì ní in. Ẹ máa rò ó pé tiyín ò ní.

Ní ti ìpín, mẹ́ta péré ni mo máa ń ní kí wọ́n lò, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí ìlà àkọ́kọ́. "Báyìí" ni èyí tó lè pa èèyàn tàbí jó ilé kí ilẹ̀ tó ṣú, irú díbí tiwa yìí. "Lónìí" ni èyí tó lè ṣe èèyàn léṣe ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ ti rí nǹkan dí i, bíi táìsì àtẹ̀gùn tó ti ṣí tẹ́ ẹ ti fi okùn dí. "Lọ́sẹ̀ yìí" ni ìyókù. Tẹ́ ẹ bá wà láàárín méjì tẹ́ ẹ ò mọ èyí tẹ́ ẹ máa mú, ẹ mú èyí tó yá jù, mi ò ní bínú.

Ohun kan ṣì kù níbẹ̀ tí owó wà nínú ẹ̀. Ẹ sọ ohun tó máa kú tá a bá pa iná díbí yẹn. DB2 ló ń gbé kóólúrúùmù, ìyẹn ló máa ń jẹ́ kí máníjà ẹ̀ka lọ́ra, wọ́n á ní ẹja ńkọ́? Ẹja tó ti dì dáadáa ní dígírì òdì 18, tí wọn ò bá máa ṣílẹ̀kùn kiri, kò ní yọ́ lójú ẹsẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ pé "kóólúrúùmù wà lórí DB2, ó kún, ilẹ̀kùn ẹ̀ wà ní títì láti 8:05", mo lè máa wá jẹnẹrétọ̀ tá a máa fi wáyà ọ̀tọ̀ gbé e láti ẹ̀yìn ilé nígbà tí rìwáyà ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Tẹ́ ẹ ò bá kọ ọ́, ìjiyàn lórí ẹja la máa fi àárọ̀ yẹn ṣe.

OHUN TẸ́ Ẹ RÍ, KÌ Í ṢE OHUN TẸ́ Ẹ RÒ

Òjò rọ̀ mọ́jú, omi ń kán, gbogbo èèyàn ní òrùlé ló ń jò. Wọ́n á kọ "òrùlé ń jò", èmi náà á pe kápẹ́ńtà, kápẹ́ńtà á gun òkè, kò ní rí nǹkan kan. Ní ilé tó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, omi òrùlé tó bá máa kán nísàlẹ̀ sábà máa ń gba yàrá kan kọjá lókè ná. Ẹ wò ó bóyá òkè tutù. Tí yàrá òkè bá gbẹ, tí òjò ti dá láti aago 5 tí omi sì ń pọ̀ sí i ní aago 8, tó jẹ́ pé aago 7:30 ni ẹni tó wà lókè tan éésì ẹ̀, páìpù tí éésì fi ń da omi ẹ̀ síta ló jọ pé ó dí, omi náà wá ń wá ọ̀nà gba inú déékì. Àmọ́ kẹ́ ẹ má kọ "éésì ló fà á" o. Ẹ kọ àwọn aago yẹn bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ èyí tó fà á. Tẹ́ ẹ bá lè lọ bẹ ẹni tó wà lókè pé kó pa éésì ẹ̀, tí omi sì ń dín kù lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹ kọ ìyẹn náà.

FỌ́TÒ

Mẹ́ta tó. Àkọ́kọ́ látọ̀ọ́kán, tí ilẹ̀kùn kóólúrúùmù tàbí àtẹ̀gùn á hàn nínú ẹ̀ kí n lè mọ kọ́rídọ̀ tó jẹ́. Èkejì á mú díbí, sílíìnì tó wà lókè ẹ̀ àti ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀ papọ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ fi kámẹ́rà fà á wá látibi tẹ́ ẹ wà, ẹ má rìn lọ bá a. Fídíò ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá dáa tó bá ń dún, torí kí n lè gbọ́ ọ. Ẹ tẹ aago tẹ́ ẹ yà á mọ́ ìdí fọ́tò, torí tí fọ́tò bá ti gba Wásáàpù kọjá, aago tí wọ́n yà á kì í bá a dé ọ̀dọ̀ mi, tí wọ́n bá tún wá fi ránṣẹ́ láti gúrúùpù kan sí ìkejì, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá ti òní ni àbí ti èṣín.

Fóìsì nóòtì ńkọ́? Ẹ lè fi ṣàlàyé, àmọ́ ibi tó wà àti ìpín ẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́. Èèyàn lè wà lórí ọ̀kadà, kò lè gbọ́ fóìsì nóòtì ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ìdajì ẹ̀ jẹ́ "ẹ gbọ́ mi sà, ṣé ẹ ń gbọ́ mi sà".

BÓ ṢE MÁA RÍ TÓ BÁ PÉ

"Ẹ káàárọ̀ sà. BÁYÌÍ, ewu iná, rìwáyà la nílò.

Ibi: Ògbómọ̀ṣọ́, ilé Takie, ìsàlẹ̀, kò sí àtẹ̀gùn, kọ́rídọ̀ tó lọ sí kóólúrúùmù. Tẹ́ ẹ bá gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé tẹ́ ẹ kọjú sí kóólúrúùmù, ògiri ọwọ́ òsì, díbí tí wọ́n kọ DB2 sí, ó ga tó èjìká.

Ohun tí mo rí: omi ń kán látinú sílíìnì sórí DB2, ẹ̀kán 20 ní ìṣẹ́jú kan ní 8:10. Omi wà nílẹ̀ níwájú ẹ̀, ó fẹ̀ tó ẹní kan. Kò dún, kò sí èéfín, òórùn bíi ti ẹja tó bàjẹ́ wà nídìí ẹ̀, kò sí lẹ́nu kóólúrúùmù. Òjò ti dá láti aago 5. Aago 7:30 ni wọ́n tan éésì yàrá akáúńtì lókè.

Iná: Nẹ́pà wà. Ṣéńjófà wà níta nílé jẹnẹrétọ̀, ibẹ̀ gbẹ, èmi ni mo máa ń lò ó, mo ti gbé e sáàárín. Kóólúrúùmù wà lórí DB2, ó kún, a ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀ láti 8:05.

Èèyàn: àwọn márùn-ún ló ń gba ibẹ̀. A ti fi àga dí i lápá méjèèjì, síkiọ́rítì ń ṣọ́ ọ. Aago 9 la máa ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà.

Èmi ni mo wà níbẹ̀ títí di aago 2, nọ́ńbà mi nìyí. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ń bọ̀, aago mélòó?"

Ó gùn díẹ̀, àmọ́ ìlà àkọ́kọ́ àti ìkejì nìkan ti tó fún ẹni tó ń sáré, á ka ìyókù nígbà tó bá jókòó. Òun ni mo máa fèsì sí pé "ẹ fi ṣéńjófà sílẹ̀ sáàárín bẹ́ẹ̀, rìwáyà ti ń bọ̀ láti Sábó", láì béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo. Ẹ kíyè sí i pé "kò dún, kò sí èéfín" wà níbẹ̀, ohun tí kò sí náà ń sọ nǹkan fún mi.

LẸ́YÌN TẸ́ Ẹ BÁ TI FI RÁNṢẸ́

Sí nọ́ńbà máníjà fúnra ẹ̀ lẹ máa fi ránṣẹ́, kẹ́ ẹ tó wá gbé e sí gúrúùpù. Nínú gúrúùpù, àwọn "Ọlọ́run á ṣọ́ wa o" mẹ́rìnlá ló máa bò ó mọ́lẹ̀, gbogbo èèyàn á sì rò pé ẹlòmíì ti pè.

Tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ "báyìí", ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún, tí kò bá fèsì ẹ pè é. Kò gbé e? Ẹ pe máníjà ẹ̀ka, ẹ ka ìlà méjì àkọ́kọ́ fún un gẹ́gẹ́ bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́. "Mo ti rí i" kì í ṣe èsì. Ẹ fọ̀wọ̀ béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, "ẹ ṣeun sà, ta ni ká máa retí, aago mélòó sà?", kò sí àrífín níbẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó béèrè bẹ́ẹ̀ ló ń ràn mí lọ́wọ́, torí ó máa ń jẹ́ kí n rántí pé mi ò tíì pe ẹnikẹ́ni.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó dé, ẹ mú ẹni tó gba ipò yín dé ibi tẹ́ ẹ ti dí yẹn, ẹ fi hàn án, kẹ́ ẹ kọ orúkọ ẹ̀ àti nọ́ńbà ẹ̀ ránṣẹ́ sí máníjà. Síkiọ́rítì alẹ́ ni wọ́n máa ń gbàgbé jù. Òun ló máa tan jẹnẹrétọ̀ lóru, òun náà ló sì máa kó àga kúrò lọ́nà torí ó rò pé àwọn tó fọlẹ̀ ló fi síbẹ̀. Ẹ fi bébà kan lé ara ṣéńjófà, "Ẹ MÁ TAN, OMI WÀ NÍNÚ DB2", kẹ́ ẹ kọ orúkọ yín sí i.

Nígbà tí rìwáyà bá ti parí, kẹ́ ẹ tó kó àga kúrò, ẹ béèrè ohun méjì. Ṣé ó ṣí díbí tó gbẹ ẹ́ tó sì pààrọ̀ bírékà tí omi wọ̀, àbí aṣọ ló fi nu ìta ẹ̀? Bírékà tí omi ti wọnú ẹ̀ kì í ṣe ohun tá a máa sá sóòrùn ká tún lò, inú ẹ̀ máa dógùn-ún, ó sì lè kọ̀ láti já lọ́jọ́ tó yẹ kó já. Ìkejì, ibi tí omi ti ń wá ńkọ́? Rìwáyà kì í tú páìpù éésì, iṣẹ́ ẹni tó ń ṣe éésì nìyẹn, tí kò bá sẹ́ni tó pè é, ẹ̀ ń padà síbi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn ní ìgbà míì tí wọ́n bá tan éésì. Ẹ ní kí wọ́n tan éésì òkè yẹn níṣojú yín fún bíi wákàtí kan kẹ́ ẹ wo sílíìnì. Lẹ́yìn náà ẹ dán ilé wò pẹ̀lú Nẹ́pà, ẹ dán an wò pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀.

Ẹ fèsì sábẹ́ mẹ́sẹ́ẹ̀jì àkọ́kọ́ yẹn gan-an, ẹ má bẹ̀rẹ̀ òmíì: "3:40, a tan éésì láti 2:35, sílíìnì gbẹ, a ti lo Nẹ́pà àti jẹnẹrétọ̀, bírékà méjì ni wọ́n pààrọ̀, òórùn ti lọ, a ti kó àga kúrò." Tí omi bá tún wá kán níbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ìgbà yẹn lẹ máa kọ tuntun, kẹ́ ẹ fi ọjọ́ ti àkọ́kọ́ sí ìlà kìíní, "ìgbà kejì rèé ní DB2 Takie", mi ò sì ní pe ẹni tó ṣe é lẹ́ẹ̀kìíní mọ́.